Bí a ṣe ń fi ìmeèlì gba àtúnṣe sí ínfọ́ìsì tí iye rẹ̀ kò bá ọjà tí a gbà mu

Ẹni tó máa ka ìmeèlì yín ní ọ́fíìsì olùpèsè kì í sábà jẹ́ ẹni tó ta ọjà fún yín. Akọ̀wé ẹ̀ka ìṣirò owó ni. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń dúnàádúrà, kò rí iye páálí tó sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, kò sì mọ ohun tí ẹni tó ta ọjà bá yín sọ lórí fóònù. Ínfọ́ìsì tí kọ̀ǹpútà wọn gbé jáde nìkan ló wà níwájú rẹ̀, ó sì gbà pé ó tọ̀nà. Bí ẹ bá kàn kọ ọ́ pé “owó yìí ti pọ̀ jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò,” òun ló máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí àṣìṣe wà. Yóò bi ẹni tó ta ọjà, ìyẹn yóò bi àwọn tó kó ẹrù, ọ̀sẹ̀ á sì máa gorí ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ìsanwó ń sún mọ́lé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe ìṣirò náà parí. Ẹ gbé e lé ìwé tí àwọn fúnra wọn ti fọwọ́ sí, kí ẹ sì dárúkọ irú ìwé tí ẹ fẹ́ gbà padà, débi pé akọ̀wé yẹn lè ṣe é láìbi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan ká sì máa bá a lọ títí dé òpin. Ilé iṣẹ́ kan ra páálí ìwé ìtẹ̀wé 40, ní 1,200 fún páálí kan, àti káátírììjì íǹkì 6, ní 4,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ọ́dà wọn ni PO-0318. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, ọkọ̀ dé, páálí 38 péré ló sì wà nínú rẹ̀. Olùtọ́jú yàrá ẹrù kọ ọ́ sórí wébílì WB-0951 pé páálí méjì kò sí, awakọ̀ sì fọwọ́ sí i. Káátírììjì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé. Ní ọjọ́ 12, ínfọ́ìsì INV-2207 wọlé: páálí 40, ní 1,250 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, káátírììjì 6, ní 4,000, owó orí ọjà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, àpapọ̀ rẹ̀, 81,400, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún wọn láti san án. Ẹ lè fi owó ilẹ̀ èyíkéyìí ka iye wọ̀nyí. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, iye ọjà àti iye owó, orí ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì sì wà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan irú èyí, nítorí pé òun ló máa ń da ìṣirò rú jù lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ to ìwé mẹ́ta síwájú ara yín

Ìwé mẹ́ta náà ni ọ́dà, wébílì àti ínfọ́ìsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ohun tó lè jẹ́rìí sí. Ọ́dà jẹ́rìí sí iye owó tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí. Wébílì jẹ́rìí sí iye ọjà tó dé gan-an. Ínfọ́ìsì ní tirẹ̀ kì í jẹ́rìí sí ohunkóhun, ohun tí olùpèsè ń béèrè lọ́wọ́ yín ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń jiyàn lórí iye owó, ọ́dà ni kí ẹ nàka sí. Bó bá jẹ́ iye ọjà ni, wébílì ni. Ọ̀pọ̀ ìmeèlì ni kì í lọ síbì kan nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ fi ọ́dà jiyàn lórí iye ọjà: “Páálí 40 la béèrè fún.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n páálí 40 náà ni wọ́n kọ sórí ínfọ́ìsì, kò sì sí ìjà níbẹ̀.

Ẹ ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má kàn wo àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Kí ẹ tó gbà pé olùpèsè ló ṣi iṣẹ́ ṣe, ẹ yẹ àwọn nǹkan díẹ̀ wò lọ́dọ̀ tiyín. Ṣé ẹnì kan nínú ilé iṣẹ́ yín ti gba lẹ́tà pé owó ọjà ti gòkè kí ọ́dà tó jáde? Ṣé ohun kan náà ni ẹ fi ń ka ọjà? Páálí ìwé kan sábà máa ń ní dì márùn-ún nínú, nítorí náà ínfọ́ìsì tó kọ 200 lórí ìlà ìwé lè máa ka dì, nígbà tí ọ́dà yín ka páálí 40, kí àwọn méjèèjì sì tọ̀nà. Ṣé ìyàtọ̀ tí ẹ rí kò ju ẹ̀kúnwọ́ kékeré lọ lórí owó orí ọjà? Kọ̀ǹpútà tó ṣírò owó orí ní ìlà kọ̀ọ̀kan àti èyí tó ṣírò rẹ̀ lórí àpapọ̀ lè fi owó táṣẹ́rẹ́ yàtọ̀ síra, nítorí ibi tí wọ́n ti gé ìdá kékeré tó kù lẹ́yìn odindi owó. Kò yẹ kí a tìtorí ìyẹn kọ ìmeèlì.

Wébílì ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Bí àìtó ọjà bá wà lákọsílẹ̀ níbẹ̀, tí awakọ̀ sì fọwọ́ sí i, iṣẹ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó gba ẹrù bá fọwọ́ sí páálí 40 láìkà á, ẹ ò tíì pàdánù ẹ̀tọ́ yín o, àmọ́ ó yẹ kí ẹ yára. Ẹ wá ohun mìíràn tó lè jẹ́rìí: àkọsílẹ̀ iye ọjà tó wọ yàrá ẹrù ní ọjọ́ yẹn, fọ́tò ẹrù kí wọ́n tó tú u, tàbí ìwọ̀n ẹrù tí àwọn onímọ́tò kọ sílẹ̀ bó bá wà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka àwọn òfin títà tó wà lẹ́yìn ọ́dà tàbí nísàlẹ̀ wébílì, torí pé olùpèsè mìíràn máa ń fún ẹni tó rajà ní ọjọ́ díẹ̀ péré láti sọ pé ọjà kò pé. Ní ti ọjà tó kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, níbi tí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí títa ọjà, èyí tí wọ́n ṣe ní Vienna ní 1980, bá ti ń ṣiṣẹ́, abala 39 sọ pé ẹni tó rajà gbọ́dọ̀ fi tó ẹni tó tà á létí láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu lẹ́yìn tó rí i tàbí tó yẹ kó ti rí i, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọdún 2 lẹ́yìn tí ọjà dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má fi ọdún méjì yẹn tu ara yín nínú. “Àkókò tó bọ́gbọ́n mu” ni ẹ óò dáhùn fún.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣírò ìyàtọ̀ náà, kí ẹ sì pín in sí ìdí rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ohun tó yẹ kí ínfọ́ìsì jẹ́. Páálí 38 ní 1,200 jẹ́ 45,600. Káátírììjì 6 ní 4,000 jẹ́ 24,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 69,600. Owó orí ọjà lórí rẹ̀ jẹ́ 6,960. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 76,560. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 81,400, ó ku 4,840. Iye yìí ni ìmeèlì yín dá lé lórí.

Àmọ́ olùpèsè yóò fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti àìtó ọjà àti èyí tó jẹ́ ti àṣìṣe iye owó, nítorí pé ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń fọwọ́ sí ìkíní yàtọ̀ sí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìkejì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Ó rọrùn láti sọ pé: “Páálí méjì kò dé, 1,250 ni ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 2,500. Ẹ tún fi 50 kún páálí kọ̀ọ̀kan, 40 ni wọ́n, ìyẹn 2,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,500.” Bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ gidi kí a tó ka owó orí jẹ́ 4,400. Níbo ni 100 ti wá? Páálí méjì tí kò dé ni. A ti yọ wọ́n kúrò pẹ̀lú odindi owó wọn, 50 tí wọ́n fi kún un sì wà nínú owó yẹn, lẹ́yìn náà la tún yọ 50 náà lórí wọn lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ẹ bá fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, akọ̀wé yóò rí i pé iye yín kò bá tirẹ̀ mu. Yóò wá dá ìmeèlì náà padà tòun ti ìbéèrè, gbogbo ohun tó tọ́ nínú rẹ̀ yóò sì di ohun tó ń fura sí. Ọ̀nà tó dára ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ ọjà tí kò dé kúrò pẹ̀lú iye owó orí ínfọ́ìsì, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣírò àṣìṣe iye owó lórí ọjà tó dé nìkan. Ìyẹn ni pé 2 ní 1,250 jẹ́ 2,500, 38 ní 50 jẹ́ 1,900, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 4,400. Owó orí rẹ̀, 440. Gbogbo rẹ̀, 4,840, ó sì bá èyí tí a kọ́kọ́ rí mu rẹ́gí. Bí ọ̀nà méjèèjì kò bá já sí iye kan náà, ẹ má tíì kọ ìmeèlì.

Bí ìlà bá pọ̀ lórí ínfọ́ìsì, ẹ ṣe é nínú Excel. Ẹ fi iye ọjà orí ínfọ́ìsì sí B, iye owó orí ínfọ́ìsì sí C, iye ọjà tó dé sí D, iye owó orí ọ́dà sí E. Ìlà àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ yìí yóò fún yín ní ìyàtọ̀ nítorí àìtó ọjà, ìkejì yóò fún yín ní ti iye owó, ìkẹta ni ẹ óò fi yẹ àwọn méjèèjì wò:

```
=(B2-D2)*C2
=(C2-E2)*D2
=B2*C2-D2*E2
```

Àròpọ̀ méjì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bá ìkẹta dọ́gba ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pinnu ìwé tí ẹ óò béèrè fún

“Ẹ bá wa tún ínfọ́ìsì náà ṣe” kò tó. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, olùpèsè tó ti gbé ínfọ́ìsì jáde kò lè kàn pa iye orí rẹ̀ rẹ́ kó kọ òmíràn sí i, nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ ti wọ inú ìwé owó orí. Ìwé mìíràn ni yóò gbé jáde láti fi tún ti àkọ́kọ́ ṣe, ọ̀nà méjì ló sì wọ́pọ̀.

Ìkíní ni ìwé tó ń yọ iye kan kúrò lára gbèsè tí ínfọ́ìsì ti kọ sí yín lọ́rùn. Kírẹ́díìtì nóòtì ni àwọn oníṣirò owó ń pè é. Nínú àpẹẹrẹ wa, yóò jẹ́ kírẹ́díìtì nóòtì 4,840, tó dárúkọ INV-2207. Ìkejì ni kí wọ́n fi kírẹ́díìtì nóòtì 81,400 fagi lé gbogbo ínfọ́ìsì náà, kí wọ́n sì gbé ínfọ́ìsì tuntun jáde pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, tí iye rẹ̀ jẹ́ 76,560.

Bó bá jẹ́ iye ọjà tàbí iye owó nìkan ló ṣì, ọ̀nà kìíní ló yá jù, òun ni èmi náà máa ń yàn. Ọjọ́ ìsanwó kò yí, ínfọ́ìsì àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè, ìwé kan péré ló sì kún un. Àmọ́ bó bá jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ yín ló ṣì, tàbí àdírẹ́sì, tàbí nọ́ńbà owó orí yín, kírẹ́díìtì nóòtì kékeré kò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ béèrè fún ìfagilé àti ínfọ́ìsì tuntun. Bí ẹ bá ń gba ínfọ́ìsì láti kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà irú ìwé tó wà nínú fáìlì yóò fi ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ hàn yín: 380 ni ínfọ́ìsì lásán, 381 ni kírẹ́díìtì nóòtì, 384 ni ínfọ́ìsì àtúnṣe.

Ohun méjì ni kí ẹ kọ̀. Ẹ má gba ínfọ́ìsì mìíràn tó ní INV-2207 náà lórí, tó kàn jẹ́ pé iye rẹ̀ ti yí padà, láìsí ìwé kankan tó fagi lé ti àkọ́kọ́. Ìwé méjì tó jẹ́ nọ́ńbà kan náà yóò wà lọ́wọ́ yín, ẹni tó bá sì ń yẹ ìwé yín wò lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹ má sì gba “ẹ ṣáà san iye tó tọ́, a ti mọ̀” láti ẹnu ẹni tó ta ọjà. Bí ẹ bá san 76,560 láìsí ìwé, 4,840 yóò dúró bíi gbèsè nínú ìwé wọn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kọ̀ǹpútà wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà gbèsè ránṣẹ́, wọ́n sì lè dá ọjà yín tó kàn dúró nítorí rẹ̀. Ẹni tó sọ pé “a ti mọ̀” lè ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ ìmeèlì náà

Ẹ fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ẹ̀ka ìṣirò owó tí wọ́n kọ sórí ínfọ́ìsì, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹni tó ta ọjà fún yín. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ta ọjà nìkan, ó lè gbà yín gbọ́ tọkàntọkàn síbẹ̀ kó má lágbára láti gbé ìwé kankan jáde. Ínfọ́ìsì kan, ìmeèlì kan. Bí ẹ bá ní ínfọ́ìsì mẹ́ta tó ní àṣìṣe, ìmeèlì mẹ́ta ni, nítorí pé bí wọ́n bá yanjú ọ̀kan nínú mẹ́ta, wọn yóò ka gbogbo ìmeèlì náà sí èyí tó ti parí.

Àkọlé ìmeèlì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ínfọ́ìsì, nọ́ńbà ọ́dà, iye ìyàtọ̀, àti ohun tí ẹ fẹ́. Òun ni wọn yóò fi wá a rí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìmeèlì ti àpẹẹrẹ wa nìyí ní odindi:

> Àkọlé: INV-2207 / PO-0318: ìyàtọ̀ 4,840, a ń béèrè fún kírẹ́díìtì nóòtì
>
> Ẹ̀yin ará ẹ̀ka ìṣirò owó, ẹ kú iṣẹ́ o.
>
> A ti gba ínfọ́ìsì INV-2207 ti ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 81,400. Ìlà kìíní rẹ̀, ìwé ìtẹ̀wé, kò bá ọ́dà àti wébílì mu. Iye tó tọ́ fún gbogbo ínfọ́ìsì náà jẹ́ 76,560. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,840.
>
> | | Orí ínfọ́ìsì | Èyí tó tọ́ | Ibi tó wà |
> |---|---|---|---|
> | Iye páálí | 40 | 38 | Wébílì WB-0951, ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, awakọ̀ yín fọwọ́ sí i |
> | Owó páálí kan | 1,250 | 1,200 | Ọ́dà PO-0318, ìlà kìíní |
>
> Ìyàtọ̀ náà pín báyìí:
> Páálí 2 tí kò dé, ní 1,250: 2,500
> Àlékún 50 lórí páálí 38 tó dé: 1,900
> Owó orí ọjà lórí 4,400: 440
> Àpapọ̀: 4,840
>
> Ìlà kejì, káátírììjì íǹkì, tọ̀nà, a ò ní ìbéèrè kankan lórí rẹ̀.
>
> Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kírẹ́díìtì nóòtì 4,840, tí owó orí 440 wà nínú rẹ̀, tó sì dárúkọ INV-2207, ránṣẹ́ sí wa kó tó di ọjọ́ 21 oṣù Kẹta. Bó bá dé ní àkókò yẹn, a ó san 76,560 ní ọjọ́ ìsanwó tó wà lórí ínfọ́ìsì, ìyẹn ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin. Títí yóò fi dé, ínfọ́ìsì yìí wà ní ìdádúró nínú ìwé wa gẹ́gẹ́ bí èyí tí a ń jiyàn lé lórí.
>
> A ò fẹ́ páálí méjì tó kù mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ọ́dà náà.
>
> A so ẹ̀dà ọ́dà, wébílì àti ínfọ́ìsì mọ́ ìmeèlì yìí. Bí ohunkóhun nínú àkọsílẹ̀ yín bá yàtọ̀ sí èyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.
>
> Ẹ ṣeun.
> [Orúkọ yín, ipò yín, nọ́ńbà fóònù]

Gbólóhùn mẹ́ta nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí, nítorí pé àwọn ni wọ́n sábà máa ń fò.

Èkíní ni ti ìlà kejì tó tọ̀nà. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, akọ̀wé lè rò pé gbogbo ínfọ́ìsì ni ẹ ń kọ̀, kó sì tì í sápá kan de ọ̀gá rẹ̀. Tí ẹ bá ti sọ ibi tí ìjiyàn mọ, ọ̀rọ̀ náà á kéré lójú ẹni tó máa fọwọ́ sí i.

Èkejì ni ti ọjọ́ ìsanwó. Olùpèsè máa ń bẹ̀rù pé àwíjàre lásán ni ẹ ń wá láti fi owó pamọ́. Bí ẹ bá kọ iye tí ẹ óò san àti ọjọ́ tí ẹ óò san án, ẹ̀rù yẹn tán. Bí àdéhùn yín bá sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ san apá tí kò sí ìjiyàn lórí rẹ̀ ní ọjọ́ rẹ̀ lọ́nàkọnà, ẹ san án, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ínfọ́ìsì àti “apá tí kò sí ìjiyàn lórí rẹ̀” sórí ìwé ìsanwó. Ẹ ka àdéhùn náà kí ẹ tó kọ gbólóhùn ìdádúró yẹn.

Ẹ̀kẹta ni ti páálí méjì tó kù. Bí ẹ ò bá sọ ohunkóhun nípa wọn, ẹnì kan ní yàrá ẹrù olùpèsè lè kó wọn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣẹ́kù ọ́dà. Wọ́n á wá sọ pé ọjà ti pé, kò sí ìdí fún kírẹ́díìtì nóòtì mọ́, ìṣirò yín á sì dàrú. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ wọn, ẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n kó wọn wá pẹ̀lú wébílì tuntun àti ínfọ́ìsì tuntun, ní 1,200.

Ní ti àwọn fáìlì tí ẹ óò so mọ́ ọn, PDF ló dára jù, kí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé tó wà nínú rẹ̀. Lórí ẹ̀dà wébílì, ẹ fi àmì yí ibi tí wọ́n kọ àìtó sí ká. Ẹ má kọ ohunkóhun sórí ẹ̀dà ínfọ́ìsì wọn, ẹ má sì fọwọ́ ara yín yí iye orí rẹ̀ padà láti “fi ohun tó tọ́ hàn wọ́n.” Ìwé wọn ni, àwọn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí wọ́n bá dákẹ́, tàbí bí wọ́n bá kọ̀

Ní ọjọ́ tí ìmeèlì jáde, ẹ fi ínfọ́ìsì náà sí ìdádúró nínú ìwé owó yín, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì lè san 81,400 bí ọjọ́ bá ti pé. Owó tó ti jáde sì ṣòro gbà padà ju owó tí a kò tíì san.

Bí ọjọ́ 21 bá kọjá láìsí èsì, orí ìmeèlì yẹn gan-an ni kí ẹ ti kọ òmíràn, kí gbogbo ọ̀rọ̀ wà lójú kan, kí ẹ sì pe ẹ̀ka ìṣirò owó lórí fóònù. Lẹ́yìn ìpè náà, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ sínú ìmeèlì ní gbólóhùn méjì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn.

Èsì méjì ló wọ́pọ̀ láti ọ̀dọ̀ olùpèsè tó kọ̀. Wọ́n lè sọ pé awakọ̀ wọn ní òun já páálí 40. Ẹ má bá wọn jiyàn lórí ohun tí awakọ̀ sọ. Ẹ béèrè fún ẹ̀dà wébílì tó wà lọ́wọ́ tiwọn, nítorí pé bí ẹ̀dà yẹn bá ní àkọsílẹ̀ àìtó kan náà lórí, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n sì lè sọ pé owó ìwé ti gòkè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi wọ́n: ọjọ́ wo ni wọ́n fi tó yín létí, ṣé ó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gba ọ́dà PO-0318 wọlé? Bó bá jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni, ọ́dà tó kàn ni owó tuntun yẹn wà fún. Bó bá sì jẹ́ pé ó ṣáájú lóòótọ́, tí lẹ́tà náà dé ọ̀dọ̀ yín, apá ti iye owó nínú ìyàtọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ yín. Ohun tó kù jẹ́ 2,500 fún páálí méjì àti 250 fún owó orí rẹ̀, ìyẹn 2,750. Ẹ rí ìdí tó fi dára kí ẹ ti pín ìṣirò náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ lè jọ̀wọ́ apá kan láìba èkejì jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ yẹ ìwé àtúnṣe náà wò kí ẹ tó sanwó

Ìwé dé. Ẹ wò ó bóyá ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, bóyá ó dárúkọ INV-2207, àti bóyá iye rẹ̀ pé 4,840. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kírẹ́díìtì nóòtì 4,400, tí wọ́n gbàgbé owó orí 440 nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà àkáǹtì báńkì. Mi ò lè tẹnu mọ́ èyí tó. Àwọn ọ̀daràn máa ń wọ inú ìmeèlì ilé iṣẹ́ láti máa ka ọ̀rọ̀ owó tó ń lọ lọ́wọ́, àkókò tí ẹ sì ń retí “ínfọ́ìsì àtúnṣe” ni ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù láti fi ayédèrú ránṣẹ́: iye tó tọ́, nọ́ńbà ọ́dà tó tọ́, àkáǹtì báńkì tó jẹ́ tiwọn. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì orí ìwé tuntun wé èyí tó wà nínú ìwé yín tẹ́lẹ̀. Bó bá yàtọ̀ ní nọ́ńbà kan péré, ẹ dá ìsanwó dúró, kí ẹ pe olùpèsè. Nọ́ńbà fóònù tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi pè wọ́n, ẹ má lo èyí tó wà nínú ìmeèlì náà. Ẹ yẹ àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́ wò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, nítorí pé lẹ́tà kan tó yí padà nínú orúkọ ilé iṣẹ́ kò rọrùn láti rí.

Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, ẹ fi kírẹ́díìtì nóòtì náà kan ínfọ́ìsì nínú ìwé owó yín kó lè ku 76,560, kí ẹ sì mú un kúrò ní ìdádúró. Nígbà tí ẹ bá sanwó, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú owó náà: INV-2207, 81,400, kírẹ́díìtì nóòtì, 4,840 tí a yọ, owó tí a san, 76,560. Ní ìparí oṣù, bí olùpèsè bá fi àkọsílẹ̀ owó tó wà láàárín yín ránṣẹ́, ẹ wá INV-2207 níbẹ̀. Òdo ló yẹ kó kù lórí rẹ̀. Bó bá ṣì ku 4,840, ó túmọ̀ sí pé wọ́n gbé kírẹ́díìtì nóòtì jáde ṣùgbọ́n wọn kò tíì fi kan ínfọ́ìsì náà. Ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí ìmeèlì àkọ́kọ́ yẹn kan náà, kí wọ́n so méjèèjì pọ̀.